Lẹ́tà Àkọ́kọ́ Lẹ́yìn Tí Sítóò Jóná

Ní Béúmì níbi tí mò ń gbé, nǹkan bí ọgọ́ta kìlómítà sí ìwọ̀-oòrùn Bùàké ní ilẹ̀ Kodifúà, èmi ni àwọn ará wa máa ń gbé ìwé Faransé wá bá. Bí ìwé owó orí bá dé, bí ilé ẹ̀kọ́ bá kọ̀wé sí òbí, bí onílé bá fẹ́ lé ayálégbé, wọ́n á ní kí n bá àwọn kà á, kí n sì bá àwọn dáhùn. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló jẹ́ pé Èjìgbò àti àgbègbè rẹ̀ ni bàbá ńlá wọn ti wá ṣòwò síbí, tí àwọn ará ìlú sì ń pè wá ní Ànàgó. Nínú gbogbo ìwé tí mo ti bá ènìyàn kọ, ọ̀kan wà tí mo fẹ́ sọ fún yín lónìí, torí pé ọjọ́ díẹ̀ péré ni òfin fi sílẹ̀ láti kọ ọ́, ó sì máa ń jẹ́ ọjọ́ tí orí onítọ̀hún kò pé rárá. Òun ni lẹ́tà tí a ń kọ sí iléeṣẹ́ adójútòfò, tí àwa ń pè ní àsíráńsì níbí, láti sọ fún wọn pé iná ti jó ẹrù.

Ìyá Táíwò ló ni sítóò náà. Ìyàwó àbúrò màmá mi ni wọ́n, ìrẹsì, òróró àti bọ́kẹ́ẹ̀tì oníke ni wọ́n ń tà. Láti ìgbà tí iná ti jó ọjà ńlá Bùàké ní ọdún 1998, tí àwọn ẹbí wọn kan sì pàdánù ohun gbogbo níbẹ̀, ni wọ́n ti ń san àsíráńsì iná lọ́dọọdún. Ní òru Ọjọ́rú mọ́jú Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 17 oṣù Kẹrin ọdún 2025, ọdẹ tó ń ṣọ́ àdúgbò pè wọ́n pé èéfín ń jáde láti orí òrùlé. Kí ilẹ̀ tó mọ́, iná ti kú. Omi kànga àti ọwọ́ àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò ló pa á. Òrùlé ti wó sórí ẹrù.

Ọ̀sẹ̀ Àjíǹde nìyẹn, àwọn Baulé sì máa ń wálé láti gbogbo Kodifúà fún ọdún tí wọ́n ń pè ní Pàkínù. Ìlú kún fọ́fọ́. Ohun tí gbogbo ènìyàn ń sọ fún Ìyá Táíwò ni pé kí wọ́n fara balẹ̀, kí ọdún parí, kí wọ́n ṣírò ohun tó jóná dáadáa, kí wọ́n tó kọ̀wé. Ìmọ̀ràn tó dùn létí ni, àmọ́ òun gan-an ló ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Òfin tó de àsíráńsì ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó ń sọ Faransé, Kodifúà, Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò pẹ̀lú, ni òfin Síìmà, ẹ ó rí i lára ìwé yín bí CIMA. Yàúndé ni wọ́n ti fọwọ́ sí àdéhùn rẹ̀ ní oṣù Keje ọdún 1992. Ìpín kejìlá rẹ̀ sọ pé kí ẹni tó ní àsíráńsì fi òfò tó iléeṣẹ́ náà létí ní kété tó bá mọ̀, kó má sì pẹ́ ju ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún lọ. Bí ó bá jẹ́ olè ló jà, tàbí tí ẹran ọ̀sìn ló kú, wákàtí 48 péré ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Nàìjíríà, inú ìwé àdéhùn yín ni kẹ́ ẹ ti wo iye ọjọ́ tiyín.

Ọjọ́ iṣẹ́ ni òfin wí, nítorí náà Àbámẹ́ta, Àìkú àti Ajé Àjíǹde kò sí nínú rẹ̀. Bí a bá ka Ọjọ́bọ̀ tí iná jó fúnra rẹ̀, ọjọ́ karùn-ún yóò bọ́ sí Ọjọ́bọ̀ ọjọ́ 24. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kejì, yóò di Ẹtì ọjọ́ 25. Èmi kì í bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí irú èyí. Mo máa ń ka èyí tó kúrú jù, n ó sì gbìyànjú láti má dé ibẹ̀ rárá. Mo sọ fún Ìyá Táíwò pé Ẹtì ọjọ́ 18 ni a ó gbé lẹ́tà lọ sí Bùàké, kí wọ́n tó ti ọ́fíìsì fún ọdún.

Wọ́n ní, “Ọkọ mi, báwo ni n ó ṣe kọ̀wé béèrè owó nígbà tí n kò tíì mọ iye ohun tó jóná?”

Ìbéèrè yẹn ni gbogbo ènìyàn máa ń bi mí, òun ló sì ń mú wọn pẹ́. Lẹ́tà àkọ́kọ́ kì í ṣe lẹ́tà owó. Ìṣírò tó péye, èyí tí a ó fi gba owó, ìwé mìíràn ni, ó sì ní àsìkò tirẹ̀. Èyí àkọ́kọ́ wà láti dá aago òfin dúró, kí a sì kọ ohun tí ojú rí sílẹ̀ kí eérú tó tutù, kí ọ̀rọ̀ àdúgbò tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí i padà. Ohun tí a mọ̀, a ó sọ pé a mọ̀ ọ́n. Ohun tí a kò tíì mọ̀, a ó sọ pé a kò tíì mọ̀ ọ́n. Bí a bá sọ iye, a ó sọ pé ó jẹ́ iye àkọ́kọ́, èyí tí a ó tún yẹ̀ wò.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo béèrè ni ìwé àdéhùn àti rìsíìtì owó tí wọ́n san kẹ́yìn. Lábẹ́ òfin Síìmà, bí kò bá sí owó, kò sí àsíráńsì. Bí rìsíìtì kò bá bo ọjọ́ tí iná jó mọ́lẹ̀, ẹ má wulẹ̀ da íńkì nù. Ilé ni wọ́n tọ́jú méjèèjì sí, nínú àpò ìwé àwọn ọmọ, kì í ṣe inú sítóò. Ìwé ọjà náà wà ní ìsọ̀ wọn nínú ọjà. Mo rí àwọn kan tí ìwé àsíráńsì wọn jóná mọ́ ẹrù tó ń dáàbò bò. Èyí kò ba ẹ̀tọ́ ènìyàn jẹ́, torí pé iléeṣẹ́ náà ní ẹ̀dà tirẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ènìyàn yóò fi wá nọ́ńbà ìwé kiri wà nínú ọjọ́ márùn-ún yẹn.

Ibi tó nira jù nínú lẹ́tà náà ni ìdí iná. Ọmọkùnrin wọn àgbà fẹ́ kí n kọ ọ́ pé àwọn ọ̀tá ló dáná sun sítóò. Kò sẹ́ni tó rí ọ̀tá kankan. Ṣùgbọ́n ní Béúmì ọ̀rọ̀ báyìí kò jìnnà sí ẹnu. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2019, ìjà awakọ̀ méjì, ọ̀kan lórí alùpùpù èrò, ìkejì nínú ọkọ̀ akérò, di ìjà láàárín Baulé àti Málíńkè. Ènìyàn tó ju mẹ́wàá lọ ló kú, ọ̀pọ̀ sì fara gbọgbẹ́. Látìgbà náà, bí iná bá ti ṣẹ́yọ lóru, àwọn kan á ti mọ ẹni tó dá a.

Ẹ wo ohun tí gbólóhùn bẹ́ẹ̀ lè ṣe nínú lẹ́tà. Òfin Síìmà sọ pé iléeṣẹ́ àsíráńsì kò ní san òfò tí ogun, rògbòdìyàn tàbí ìwọ́de fà, àyàfi bí ìwé àdéhùn bá sọ pé wọ́n fi kún un. Òfin kan náà sọ pé iléeṣẹ́ náà ló gbọ́dọ̀ fi hàn pé rògbòdìyàn abẹ́lé ló fa òfò. Bí ènìyàn bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé àwọn kan kóra jọ wá dáná sun òun, láìrí wọn, ó ti bá wọn ṣe ìdajì iṣẹ́ tí òfin gbé lé wọn lọ́wọ́. N kò sọ pé kí a fi òtítọ́ pamọ́ o. Bí ọdẹ bá rí ènìyàn mẹ́wàá pẹ̀lú ìgò bẹntiróò, dandan ni kí a kọ ọ́, irọ́ nínú lẹ́tà yìí sì lè gba gbogbo ẹ̀tọ́ lọ́wọ́ ènìyàn. Ohun tí ọdẹ rí ni èéfín láti orí òrùlé, ní apá ibi tí wáyà iná mànàmáná gbà wọlé, kò sì rí ẹnikẹ́ni. Ohun tí a kọ nìyẹn. A kò tilẹ̀ sọ pé wáyà ló fà á, torí pé a kì í ṣe oníṣẹ́ iná.

Ọ̀rọ̀ kejì tó gba àríyànjiyàn ni àwọn bọ́kẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ ń kó ẹrù jáde lóru, dọ́sìnnì méjìlá bọ́kẹ́ẹ̀tì kúrò nínú sítóò, wọn kò sì dé ibì kankan. Ìyá Táíwò ní kí n kọ ọ́ pé wọ́n jí wọn. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ta lẹ rí?” Wọn kò rí ẹnikẹ́ni. Òkùnkùn ni, ariwo ni, ó ṣeé ṣe kí ẹlòmíràn gbé wọn sí àgbàlá rẹ̀ kó sì gbàgbé. Òfin sọ ọ̀rọ̀ kan níbí tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀: iléeṣẹ́ àsíráńsì iná ló ni òfò ẹrù tó sọnù nígbà tí iná ń jó lọ́wọ́, àyàfi bí òun fúnra rẹ̀ bá fi hàn pé olè ló kó o. Ọ̀rọ̀ “jí” tí Ìyá Táíwò fẹ́ kọ ìbá ti gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì 144 kúrò lábẹ́ iná, kó sì gbé wọn sábẹ́ olè, tí wọn kò san àsíráńsì rẹ̀ rárá. A kọ ọ́ pé a kó wọn jáde, a kò sì tíì rí wọn. Òtítọ́ náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Báwo ni ènìyàn ṣe ń ka ohun tó ti di eérú? Kì í ṣe eérú ni a ń kà, ìwé ni. A wá ọjọ́ tí wọ́n ka ẹrù sítóò kẹ́yìn, a fi ohun tí wọ́n rà lẹ́yìn rẹ̀ kún un, a yọ ohun tí wọ́n tà kúrò. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta, ìrẹsì àpò kílò 25 tó wà nílẹ̀ jẹ́ 120. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹrin wọ́n ra 200, rìsíìtì alágbàtà Bùàké wà níbẹ̀. Láti ìgbà náà dé ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú wọ́n ti ta 145. Àpò 175 ló kù nígbà tí iná jó. Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe fún òróró, 30 kẹ́ẹ̀gì, àfikún 25, ó ta 30, ó ku 25. Bọ́kẹ́ẹ̀tì jẹ́ dọ́sìnnì 72, wọn kò ra òmíràn, wọ́n ta 22, ó ku 50. Iye tí wọ́n fi ra ọjà ni a fi ṣírò, kì í ṣe iye tí wọ́n fẹ́ tà á, torí pé àsíráńsì wà láti dá òfò padà, kì í ṣe láti dá èrè sílẹ̀. Ìrẹsì ní 10,000 sẹ́fà lápò kan jẹ́ 1,750,000. Òróró ní 20,000 jẹ́ 500,000. Bọ́kẹ́ẹ̀tì ní 5,000 fún dọ́sìnnì kan jẹ́ 250,000. Gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ 2,500,000 sẹ́fà.

Ó ku káṣú. Béúmì jẹ́ ilẹ̀ káṣú àti òwú, àti pé láti oṣù Kejì lọ kò sí sítóò tí àwọn tó ń ra káṣú ní abúlé kì í wá béèrè ààyè nínú rẹ̀. Ìyá Táíwò fi igun kan háyà fún ọ̀kan nínú wọn. Àpò káṣú 40 ló wà níbẹ̀, nǹkan bí kílò 80 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní iye tí ìjọba fi lélẹ̀ fún àgbẹ̀ lọ́dún náà, 425 sẹ́fà fún kílò kan, owó rẹ̀ jẹ́ 1,360,000. Ẹrù ẹlòmíràn nìyẹn, ìwé Ìyá Táíwò kò sì dárúkọ ẹrù ẹlòmíràn. Àwọn kan ní kí a kà á mọ́ tiwọn, àwọn kan ní kí a má dárúkọ rẹ̀ rárá. Kò sí èyí tó dára nínú méjèèjì. Èèpo káṣú ní òróró nínú tó ń jó burúkú, èéfín rẹ̀ dúdú, ara ògiri máa ń sọ ọ́ fún ẹni tó bá mọ̀ ọ́n wò. Ohun tó sì gbà wá ni pé nígbà tí wọ́n fẹ́ gba káṣú sílé ní oṣù Kejì, wọ́n ti kọ̀wé sọ fún aṣojú àsíráńsì, ẹ̀dà rẹ̀ tí wọ́n lu òǹtẹ̀ wà lọ́wọ́. Ẹni tó bá yí ohun tó ń kó sí sítóò padà láìsọ, ó lè bá a pé wọ́n gé owó rẹ̀ kù.

Faransé ni a fi kọ lẹ́tà náà, ojú ìwé kan ààbọ̀. Bí n bá sọ ọ́ ní Yorùbá, báyìí ló lọ, láìdárúkọ iléeṣẹ́ tàbí nọ́ńbà:

“Béúmì, ọjọ́ 18 oṣù Kẹrin ọdún 2025. Sí ọ̀gá ẹ̀ka òfò. Mo fi lẹ́tà yìí sọ fún yín pé iná jó sítóò mi ní Béúmì, èyí tí ìwé àdéhùn nọ́ńbà báyìí dáàbò bò. Rìsíìtì owó tó bo oṣù Kìíní dé oṣù Kejìlá ọdún yìí wà nínú àpò yìí.

“Ọdẹ àdúgbò rí èéfín ní nǹkan bí aago méjì òru Ọjọ́bọ̀ ọjọ́ 17, láti orí òrùlé, ní apá ibi tí wáyà iná gbà wọlé. Ó pè mí lórí fóònù ní aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo débẹ̀ ní nǹkan bí aago méjì ààbọ̀. Àwọn ará àdúgbò fi omi pa iná náà, ó kú ní nǹkan bí aago márùn-ún. N kò mọ ohun tó fà á. Kò sí ẹni tó fara pa. Mo fi tó àwọn jàndámà létí ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ọjọ́ kan náà.

“Gẹ́gẹ́ bí ìwé ọjà mi, ohun tó wà níbẹ̀ ni àpò ìrẹsì 175, kẹ́ẹ̀gì òróró 25 àti dọ́sìnnì bọ́kẹ́ẹ̀tì 50. Àpò ìrẹsì 115 ni iná jó, omi tí a fi pa iná ba 60 jẹ́. Gbogbo òróró jóná. Dọ́sìnnì bọ́kẹ́ẹ̀tì 38 ló yọ́. Mejìlá ni a kó jáde nígbà tí iná ń jó, a kò sì tíì rí wọn. Iye àkọ́kọ́ tí mo fi sí i ni 2,500,000 sẹ́fà, ní iye tí mo rà á. Mo lè tún un ṣe bí mo bá yẹ ìwé wò tán. Àpò káṣú 40 wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ti ẹlòmíràn ni, n kò béèrè owó rẹ̀.

“Òrùlé àti ẹrù tó jóná wà bí wọ́n ṣe wà, n kò palẹ̀ wọn mọ́. Mo bẹ̀ yín kí ẹ rán ẹni tí yóò wò ó. Ìrẹsì 60 tó rẹ yóò bàjẹ́ bí kò bá gbẹ. Mo bẹ̀ yín kí ẹ gbà mí láàyè láti sá a láti ọ̀la. A ti ya fọ́tò rẹ̀.”

Ìlà tó kẹ́yìn yẹn ṣe pàtàkì ju bó ṣe kúrú lọ. Òfin sọ pé ohun tí omi ìpanápaná bà jẹ́ dà bí ohun tí iná jó, nítorí náà ìrẹsì tó rẹ wà nínú òfò. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní ẹrù kò gbọ́dọ̀ jókòó máa wò ó kó jẹrà, kò sì tún dára kó tà á kí ẹni tí wọ́n rán tó rí i. Ìyọ̀ǹda lórí ìwé ló yanjú méjèèjì. Ọ̀sán ọjọ́ kan náà ni wọ́n fi ìméèlì ránṣẹ́ pé kí a sá a.

A so ẹ̀rí mọ́ lẹ́tà náà, gbogbo rẹ̀ ní ẹ̀dà, kò sí ojúlówó kan níbẹ̀: ìwé àdéhùn àti rìsíìtì, ojú ìwé ọjà láti ọjọ́ 31 oṣù Kẹta, rìsíìtì ọjọ́ 8 oṣù Kẹrin, ìwé oṣù Kejì lórí káṣú, àti fọ́tò mẹ́rìndínlógún. Àwọn fọ́tò yẹn, èmi ni mo yà wọ́n ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, láti ẹnu ọ̀nà wọlé, igun kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan láti òkèèrè kí a lè rí ibi tó wà, ọ̀kan nítòsí. Fọ́tò eérú nítòsí nìkan kò sọ nǹkan kan, ibikíbi ló lè jẹ́. Ìwé àwọn jàndámà kò tíì jáde, a sì kọ ọ́ pé ó ń bọ̀. Ẹ má ṣe dúró de ìwé ìjọba kí ẹ tó fi lẹ́tà sílẹ̀. Àwọn kan máa ń pe wìsíyé, òṣìṣẹ́ ilé ẹjọ́ tó ń wá kọ ohun tó rí sílẹ̀, ó sì wúlò bí onílé bá fẹ́ tètè wó ògiri. Owó lòun náà o, onílé wa sì gbà láti dúró.

A gbé ẹ̀dà méjì lọ. Wọ́n gba ọ̀kan, wọ́n lu òǹtẹ̀ ọjọ́ àti wákàtí mọ́ ìkejì, a gbé e padà wálé. Ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ kọ́kọ́ ní kí a fi sílẹ̀, pé òun yóò pè wá. Mo dúpẹ́, mo sì dúró títí ó fi lu òǹtẹ̀. Ẹni tí kò lè dé ọ́fíìsì lè fi ránṣẹ́ láti pósítọ́fíìsì, pẹ̀lú ìforúkọsílẹ̀ àti ìwé tí olùgbà yóò fọwọ́ sí. Fóònù kì í ṣe ẹ̀rí.

Ọjọ́rú ọjọ́ 23 ni ẹni tí wọ́n rán dé. Ọkùnrin àgbàlagbà kan ni, ó wọ bàtà róbà, kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní kí a gé òkìtì ìrẹsì láàárín. Ìrẹsì tó wà nínú àpò tí a tò lérí ara wọn kì í jó tán. Ẹ̀yìn rẹ̀ á di èédú, inú rẹ̀ á funfun tàbí kó pọ́n, a sì lè ka ìlà àpò láti ìsàlẹ̀ sókè. Ó kà á, ó gbà pé 115 bá a mu. Ní ti bọ́kẹ́ẹ̀tì, ike ti yọ́ di òkúta aláràbarà, àmọ́ irin ọwọ́ wọn ṣì wà. Ó ní kí àwọn ọmọ ṣà wọ́n jọ ní méjìlá méjìlá. Òkìtì 37 àti ẹyọ márùn-ún ni wọ́n rí, 449 nínú 456 tí lẹ́tà wa sọ. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ká ní a ti gbọ́ràn sí àwọn tó ní kí a tètè palẹ̀ mọ́ nítorí ọdún, orí àkìtàn ni irin yẹn ìbá wà.

Lẹ́yìn tó lọ ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ìwé ìṣírò òfò gan-an, a sì gba òǹtẹ̀ ọjọ́ sára òun náà. Ìdí rẹ̀ nìyí: láti ọjọ́ tí a bá fi ìwé yẹn lé wọn lọ́wọ́ ni òfin ti ń ka oṣù mẹ́ta fún wọn láti parí àyẹ̀wò. Bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ènìyàn lè kọ̀wé tí yóò mú kí èlé máa gorí owó rẹ̀. Bí ó bá kọjá oṣù mẹ́fà, kálukú lè gba ilé ẹjọ́ lọ. Tiwa kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Owó tó jáde kò jẹ́ 2,500,000, inú Ìyá Táíwò kò sì dùn. Wọ́n ta ìrẹsì tó rẹ fún àwọn tó ń sin adìyẹ ní 2,000 lápò kan, 120,000 nìyẹn, wọ́n yọ ọ́ kúrò, ó ku 2,380,000. Lẹ́yìn náà ni ìṣòro ńlá dé. Iye tí wọ́n kọ sínú ìwé àdéhùn láti ọdún mélòó kan pé ẹrù sítóò jẹ́ ni 2,000,000, bẹ́ẹ̀ ohun tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ iná jẹ́ 2,500,000. Òfin sọ pé ẹni tó bá dá àsíráńsì lórí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ẹrù rẹ̀, ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún òfò ni yóò gbà, bí òfò náà kò bá tilẹ̀ tó iye tó wà nínú ìwé. Ìyẹn jẹ́ 1,904,000. Wọ́n tún yọ 100,000 tí àdéhùn sọ pé onítọ̀hún yóò máa fúnra rẹ̀ gbé nínú òfò kọ̀ọ̀kan. Ó ku 1,804,000 sẹ́fà. Kò sí lẹ́tà tó lè tún èyí ṣe lẹ́yìn iná. Ọjọ́ tí wọ́n ń tún àdéhùn ṣe lọ́dọọdún ni wọ́n ń tún iye náà kọ, Ìyá Táíwò sì ti gbé e sí 3,000,000 báyìí.

Ẹni tó ni káṣú kò rí nǹkan gbà nínú rẹ̀. Owó ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ kan ló fi ra á, ó sì ní láti lọ ṣàlàyé fún wọn. A fún un ní ẹ̀dà ìwé jàndámà nígbà tó jáde, àti ẹ̀dà lẹ́tà wa tó ní òǹtẹ̀ ọjọ́ 18, níbi tí a ti kọ àpò 40 rẹ̀ sí. Ó ní ìlà kan yẹn ni wọ́n fi gbà á gbọ́ pé káṣú náà jóná ní tòótọ́. Wọ́n ní kó máa san án padà díẹ̀díẹ̀ láti àsìkò káṣú tó ń bọ̀.